Ìdajì Ẹsẹ̀ Bàtà Omi

Ẹ sún mọ́bí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró lókèèrè, kó wá jókòó. Ẹni tó ń fi ojú kan wo fóònù, kó fi ojú méjèèjì wo ibí. Tẹ́ ẹ bá fo ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ máa padà wá bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́, mi ò sì ní dáhùn.

Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni, àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan náà. Iṣẹ́ ológun ojú omi làwọn méjèèjì ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ló ń ya máàpù òkun, òun náà ló ń ṣírò ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà. Onímáàpù ni wọ́n ń pè é. Àbúrò ni olórí àwọn òmùwẹ̀, àwọn tó máa ń yọ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etíkun ọ̀tá láti lọ wọn bí omi ṣe jìn tó kí ogun tó gbéra. Ẹja ni wọ́n ń pe òun ní tiẹ̀. Ìyá wọn nìkan ló ṣì ń pe wọ́n lórúkọ tó sọ wọ́n.

Ogun ti wọ oṣù keje nígbà yẹn. Àwọn ọ̀tá ti gba ìlú kan létí òkun, wọ́n dí gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ tó wọ ibẹ̀ pa. Ojú omi nìkan ló kù. Ìyẹn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀, kí wọ́n lọ gúnlẹ̀ sí etíkun tí ọ̀tá ti ń dúró dè wọ́n.

Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni o. Ẹni tó ń jà lórí ilẹ̀ ti ní ibi tó dúró sí. Bí nǹkan ò bá rọgbọ, á sún sẹ́yìn, á mí, á tún lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti inú omi bọ̀, òdo ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹyọ ọmọ ogun ẹ̀ kan ò sí lórí ilẹ̀ yẹn. Ọta ìbọn, omi mímu, búrẹ́dì, bándéèjì, gbogbo ẹ̀ ló máa gba orí omi wá, nínú ọkọ̀ kékeré tí iwájú ẹ̀ ń ṣí wálẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọ̀tá ní tiẹ̀ ní títì, lọ́rì ló fi ń kó èèyàn. Eré ìje ni: ṣé ọkọ̀ kékeré tiwa ló máa tètè kó èèyàn dé ni, àbí lọ́rì tiwọn? Tí wọ́n bá sì lù yín, ẹ̀yìn yín rèé, òkun ni. Ta ló ń sá wọnú òkun?

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Tábìlì gígùn kan, máàpù tó bò ó látòkè délẹ̀, fáànù tó ń ké bí ológbò, ife tíì tí wọ́n fi tẹ igun máàpù mọ́lẹ̀. Ọ̀gá méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá Omi ló ni àwọn ọkọ̀. Ọ̀gá Ilẹ̀ ló ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n máa já sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín in ni pé Ọ̀gá Omi ló ń pàṣẹ fún gbogbo èèyàn títí Ọ̀gá Ilẹ̀ á fi délẹ̀, tí á to rédíò ẹ̀, tí á sọ pé "mo ti gbà á." Àwọn méjèèjì ò fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, bíi ìyá ọkọ àti ìyàwó tó gbọ́n.

Ẹnì kẹta ni Bàbá Ẹrù. Òun ló ń ṣètò bí ẹrù ṣe máa wọnú ọkọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ nílò létíkun, òun ni kó wọlé gbẹ̀yìn, kó lè wà lókè. Lọ́jọ́ kan ó wọlé pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló gbé bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá Ilẹ̀ lé orí ọta?"

Ọ̀gá Ilẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀dì kékeré lásán ni, Bàbá."

"Ó dáa. Tí ọ̀tá bá ń yìnbọn sí yín, ẹ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀dì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ síméńtì.

Ṣùgbọ́n ìjà gangan, orí aago ni. Ọ̀gá Omi fẹ́ kí omi kún, kí ọkọ̀ ẹ̀ má bàa fi ìdí gbolẹ̀. Ọ̀gá Ilẹ̀ fẹ́ kí omi fà, torí àwọn ọ̀tá ti ri òpó irin mọ́ etíkun. Tómi bá fà, orí òpó á yọ, awakọ̀ á rí i, á yà fún un. Tómi bá kún, òpó á farapamọ́, á sì ya inú ọkọ̀ bí ẹni ya ìwé. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́, kí awakọ̀ lè ríran, kí ọ̀tá má sì tíì ríran dáadáa. Wọ́n sì fẹ́ kómi máa kún lọ ni, kó má jẹ́ pé ó ń fà, torí ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ nígbà tómi ń fà, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí. Kò ní lè padà lọ kó ọ̀wọ́ ọmọ ogun kejì.

Onímáàpù ṣírò, ó ṣírò. Ọjọ́ mẹ́ta péré nínú oṣù yẹn ni gbogbo ẹ̀ bára mu. Ó ní, "Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ọjọ́ kìíní nínú mẹ́ta yẹn. Kò sí èyí tó dáa jù ú lọ."

Ohun tó fi mú aago yẹn ni òkìtì yanrìn kan tó wà lábẹ́ omi, kí wọ́n tó dé etíkun. Ẹ fetí sí ibi yìí dáadáa. Òkìtì yẹn ga, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ tún jìn bíi kòtò, kó tó wá kan etíkun gan-an. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sórí òkìtì, awakọ̀ á rò pé òun ti dé. Á ṣí iwájú ọkọ̀. Ọmọ ogun tó gbé ẹrù bí ìdajì àpò síméńtì sẹ́yìn á fò bọ́ sílẹ̀, á sì bára ẹ̀ nínú omi tó bò ó lórí. Kò ní lè lúwẹ̀ẹ́.

Àwọn òmùwẹ̀ Ẹja ló lọ wọn òkìtì náà. Okùn ni wọ́n ń lò, tí òjé wà ní ìdí ẹ̀, tí wọ́n sàmì sí ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ju òjé sílẹ̀, wọ́n á wo àmì, wọ́n á kọ ọ́ sórí pátákó tí wọ́n so mọ́ ọwọ́. Pátákó ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, okùn ṣì wà nínú ọkọ̀ tó kó wọn lọ. Látara ohun tó wà lórí pátákó, Onímáàpù ṣírò pé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, omi orí òkìtì máa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ọkọ̀ tó kún fèèyàn nílò mẹ́rin. Ìgbì tó bá sọ ọkọ̀ sílẹ̀ lè gba ọ̀kan ààbọ̀ míì. Ìyẹn márùn-ún ààbọ̀. Ó ṣẹ́ ku ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Orí ìdajì yẹn ni wọ́n kọ́ gbogbo ètò lé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ogun gbéra nígbà tí okùn dé, nínú báágì ọ̀rá, ó ṣì ń kán tótó. Onímáàpù ní ìṣó méjì kan tó kàn mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ló wà láàárín wọn. Gbogbo okùn tó bá ti òkun dé, ó gbọ́dọ̀ nà án síbẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn akọ̀wé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n máa ń ní ó ń sá aṣọ tójú ò rí.

Ó na okùn. Àmì ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ò dé ìṣó kejì. Ó bọ́ sórí mọ́kànlá.

Ó rò pé ìṣó ti yẹ̀. Ó lọ mú tépù irin, ó wọn ìṣó. Ìṣó ò yẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n pe Ẹja.

Ẹja wọlé tòun ti ẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé wọ́n ti gbé tíì wá?"

"Okùn wo rèé?"

"Okùn wa ni."

"Okùn àtijọ́ yín kọ́ o. Èyí tuntun ni."

Ó wo ilẹ̀, ó rí ìṣó, ó rí àmì. Ẹ̀rín lọ lójú ẹ̀. "Ti àtijọ́ há sábẹ́ òkúta nígbà tá a lọ dánra wò. Mo ní láti gé e."

"Èyí ńkọ́? O rẹ ẹ́?"

Ẹja fọwọ́ kan okùn náà. Ẹ ò mọ ohun tó ń bi í ni? Okùn tuntun máa ń sún kì tí omi bá wọ̀ ọ́. Nítorí náà, òfin wọn ni pé kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi òkun fún ọ̀sán kan òru kan, kí wọ́n nà án ní tútù, kí wọ́n tó sàmì. Ẹni tó bá sàmì sí i ní gbígbẹ, àmì ẹ̀ á sún mọ́ra nígbà tó bá wọ omi, okùn á sì máa pa irọ́. Á ní mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé márùn-ún ààbọ̀ ni. Ọmọ tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́ òmùwẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹja ní, "Wákàtí kan ni wọ́n fún wa ká fi gbéra. Mo rò pé mo máa yọ ìyàtọ̀ ẹ̀ tá a bá padà dé."

"O sì gbàgbé."

"Mo gbàgbé."

Onímáàpù jókòó sórí àga akọ̀wé. Kò pariwo. Ó mú bírò, ó yọ ìdajì kúrò nínú mẹ́fà. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ààyè jẹ́ òdo. Ìgbì kan péré tó bá ga ju èrò wọn lọ, ọ̀wọ́ kìíní á jókòó sórí òkìtì, ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú kòtò omi níwájú wọn.

Ẹja pa ilẹ̀kùn dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣi omi ṣírò. Ẹ ní ìkún omi ọjọ́ yẹn fi ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kéré sí bẹ́ ẹ ṣe rò. Ọ̀kan náà ni! Wọ́n á sún aago síwájú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi á kún tó, ọ̀rọ̀ á tán. Wọn ò lè fi yín ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n ṣírò. Èmi, wọ́n á já mi lulẹ̀."

Onímáàpù rò ó. Kí n má purọ́ fún yín, ó rò ó dáadáa. Omi ń kún ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín wákàtí kan ní àsìkò yẹn, nítorí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló máa fún wọn ní ìdajì tí wọ́n ń wá. Ìyẹn tọ̀nà.

Ó wá ní, "Òpó irin ńkọ́?"

"Òpó báwo?"

"Ní mẹ́fà ààbọ̀, orí òpó máa yọ lókè omi ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Tá a bá sún un di aago méje, ìdajì péré ló máa yọ, ìgbì á sì bò ó. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ fún Ọ̀gá Ilẹ̀ pé omi ló kéré, á rò pé ní aago méje òpó ṣì máa yọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Àwọn awakọ̀ á máa wá ohun tí wọn ò lè rí. Àbúrò mi, irọ́ yìí á gbà wọ́n lórí òkìtì, á sì pa wọ́n lórí òpó."

Ẹja fọwọ́ nu ojú. "Ó dáa. Aago mẹ́wàá ni ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Wàá sọ ọ́?"

"Mo máa sọ ọ́."

Ó gbà fún un. Ta ló máa kọ ìyẹn fún ọmọ ìyá ẹ̀?

Aago mẹ́wàá, gbogbo wọn jókòó. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé àṣẹ. Ẹja dìde, ó tún ẹ̀wù ẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gá, mo rò pé yanrìn òkìtì yẹn ti ṣípò díẹ̀. Omi orí ẹ̀ lè má tó ohun tá a kọ."

Ọ̀gá Omi gbójú sókè. "Ti ṣípò? Láàárín ọjọ́ mélòó?"

"Ìgbì lágbára lọ́sẹ̀ yìí, sà."

Ọ̀gá Ilẹ̀ fi bírò sílẹ̀. "Bí yanrìn bá ń rìn, gbogbo ohun tí ẹ wọ̀n ti di asán nìyẹn. A gbọ́dọ̀ lọ wọ̀n ọ́n padà. Ọjọ́ mélòó?"

"Bíi... mẹ́rin, márùn-ún, pẹ̀lú lílọ àti bíbọ̀."

"Wọ́n á wọ̀n ọ́n tán, ọkọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ọjọ́ mẹ́ta Onímáàpù á ti kọjá lọ. Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Bàbá Ẹrù ní, "Oṣù tó ń bọ̀? Mo ti kẹ́rù tán! Àwọn ọmọ yẹn ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti ń bì. Ṣé kí n já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Ọ̀gá Ilẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn aráàlú tó há sínú ìlú yẹn ò ní oúnjẹ oṣù kan."

Ẹja dúró síbẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo bàtà ẹ̀.

Ọ̀gá Omi yíjú. "Onímáàpù. Ṣé yanrìn ló ṣípò?"

Onímáàpù wo àbúrò ẹ̀, ó dúró bóyá á sọ̀rọ̀. Ẹja ṣì ń wo bàtà ẹ̀.

"Rárá, sà. Yanrìn wà níbi tó wà. Okùn ló sún kì. Wọ́n sàmì sí i ní gbígbẹ. Ẹsẹ̀ bàtà kan ló dín nínú méjìlá, a sì lè yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ. A ò nílò ká lọ wọn nǹkan kan padà."

"Ta ló sàmì sí i?"

"Olórí àwọn òmùwẹ̀ ni, sà."

Kò sọ pé "àbúrò mi." Gbogbo wọn kúkú mọ̀.

Ọ̀gá Omi ò bínú sókè. Ó ní kí Ẹja jókòó, ó sì sọ fún akọ̀wé pé láti ìṣẹ́jú yẹn, igbákejì ẹ̀ ni olórí àwọn òmùwẹ̀. Ó wá fa máàpù sún mọ́ra. "Aago méje. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin rò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò jẹ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ òfuurufú ní iye epo tó lè fi yí ká, wọ́n ní láti sún ìgbà tó máa gbéra. Ìbọn ńlá orí ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú tó gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó má bàa pa àwọn tiwa, wọ́n sún ìyẹn náà. Ọ̀wọ́ kejì, ọ̀wọ́ kẹta, ọkọ̀ dókítà, ọkọ̀ omi mímu, katapílà tó máa la ọ̀nà lórí yanrìn, gbogbo ẹ̀ so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fa ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ á yí. Àwọn ọ̀tá náà á sì rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tún ìwé náà tẹ̀ tán. Ọ̀gá Ilẹ̀ ní kí òmùwẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí wọ́n lọ so ike pupa tó léfòó mọ́ àwọn òpó. Ẹja ló mọ etíkun yẹn jù, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n lábẹ́ igbákejì ẹ̀ àná.

Ó pàdé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ ò lè dúró kí n parí ọ̀rọ̀ mi?"

"Ọ̀rọ̀ wo lò ń parí lọ? Yanrìn lo ń gbé kiri."

"Mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fẹ́."

"Wọ́n bi mí léèrè."

"Ẹ lè ní ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè ní ká jáde. Gbogbo ẹnu tó wà nílé ayé, tiyín ló gbé mi jù sílẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní aago méje ọjọ́ náà, Onímáàpù wà nínú ọkọ̀ ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún gba orí òkìtì kọjá. Awakọ̀ kan sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ tí ìdí ọkọ̀ òun ha yanrìn, kí ìgbì tó gbé e. Méjìlélógún dé etíkun. Méjì kọlu òpó tí ike ara ẹ̀ ti já lọ. Èèyàn mọ́kànlá ni ò jáde nínú omi. Kó tó di ọ̀sán, Ọ̀gá Ilẹ̀ ti to rédíò ẹ̀ sílẹ̀, ó ti sọ pé òun ti gbà á. Lọ́rì àwọn ọ̀tá kọ́kọ́ dé ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n bá èèyàn tó pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni àwọn tiwa wọ ìlú.

Ẹja padà dé, èjìká ẹ̀ kan ti yẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n gbé e lọ báyìí, kò ní ipò kankan. Tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá pè é, kì í gbé fóònù.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ yẹn ń sọ pé ká ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n lọ, ọ̀wọ́ kìíní ì bá ti rì tán. Àwọn kan ní ká ní okùn yẹn ò purọ́ látilẹ̀ wá, wọn ì bá ti tètè lọ so ike náà le mọ́ òpó, mọ́kànlá ì bá wà láàyè. Onímáàpù ní àwọn méjèèjì ló tọ̀nà.

Ìyá wọn gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu Bàbá Ẹrù, tí ò lè pa ẹnu mọ́. Ó pe ọmọ ẹ̀ obìnrin.

"Òótọ́ lo sọ. Mi ò bá ẹ jà."

"Ẹ ṣé, Màámi."

"Àmọ́ tí wọ́n bi ẹ́ léèrè, ṣé o ò rí i pé ọmọ náà ti la ẹnu?"

"Ó ti pa á dé, Màámi."

"Mo mọ̀. Mo ń bi ẹ́ ni."

Ó di ọdún kan báyìí, àbúrò ò tíì gbé fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹ gbà mí lámọ̀ràn. Yàrá kún, wọ́n fẹ́ lu òǹtẹ̀, ọ̀gá ń wò yín, ọmọ ìyá yín la ẹnu, ó pa á dé. Ṣé ẹ máa sọ ọ́ lójú gbogbo wọn ni, àbí ẹ máa fún un ní ìṣẹ́jú kan sí i? Tí ò bá wá sọ ọ́ nínú ìṣẹ́jú yẹn náà ńkọ́?